Kọ́sítọ́mà tó dákẹ́ sórí iṣẹ́: bí mo ṣe ń pè é padà láìbá a jà

Wẹ́búsáìtì ni mò ń ṣe fáwọn oníṣòwò, ẹ̀kọ́ kan tí iṣẹ́ yìí sì ti kọ́ mi ni pé kọ́sítọ́mà tó san àsansílẹ̀, tínú ẹ̀ dùn sí dìsáìnì àkọ́kọ́, tó wá dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín iṣẹ́, kì í sábà jẹ́ pé ó fẹ́ rẹ́ èèyàn jẹ tàbí pé ó ti rí ẹlòmíì. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó yẹ kó ti fún mi tí ò tíì fún mi. Ó lè jẹ́ fọ́tò ọjà, ó lè jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù, ó sì lè jẹ́ pé kó kàn sọ bóyá nǹkan tí mo fi ránṣẹ́ dáa lójú ẹ̀ tàbí kò dáa. Ó ti ní òun á ṣe é lọ́la, ọ̀la ti kọjá, ọ̀sẹ̀ ti kọjá, ojú wá ń tì í, bó sì ṣe ń pẹ́ sí i lojú ń tì í sí i, títí tó fi dà bí ajigbèsè tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kó má bàa kọjá níwájú ẹni tó jẹ lówó. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ẹ́ rí i pé mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ, ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́, a ṣì ń retí àwọn fọ́tò yẹn o," ṣe ló kàn ń rán an létí gbèsè. Kò sí nǹkan tó mú un rọrùn láti san.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo máa ń padà lọ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ gbẹ̀yìn, lórí ímeèlì àti Wásáàpù, kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti já gan-an, torí ibẹ̀ ló máa sọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí mo béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ló dákẹ́, nǹkan yẹn ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí mo fi dìsáìnì ránṣẹ́, tó kàn fèsì pé "mo ti rí i, ẹ ṣé," tí ò sọ nǹkan kan mọ́, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọ̀hún má wù ú, àmọ́ kò fẹ́ kó dùn mí. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn íńfọ́ìsì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni. Tó bá sì jẹ́ pé "àwa" ló ń sọ ṣáá, "a máa wò ó, a máa jíròrò ẹ̀," ẹlòmíì ló ni àṣẹ, bóyá ọ̀gá tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ẹni tá a jọ ń sọ̀rọ̀ ò sì rí ọ̀rọ̀ náà bá onítọ̀hún sọ. Ẹ tún wò ó bóyá mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá, torí máàkì kan ṣoṣo lórí Wásáàpù túmọ̀ sí pé kò tíì dé orí fóònù ẹ̀. Èyí tó máa ń di búlúù yẹn ẹ má gbára lé e, èèyàn lè ti pa á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan tó ń ta àga, bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ṣàlàyé. Ojú ìwé mẹ́fà la fẹ́ ṣe fún un, mo ti ṣe ti àkọ́kọ́ parí, ó fẹ́ràn ẹ̀, ó tiẹ̀ fi han àwọn ọmọ ẹ̀. Nǹkan tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni fọ́tò ogójì ọjà pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà wọ́n, àti ọ̀rọ̀ tó máa wà lójú ìwé "Nípa Wa." Ó ní òun á fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn o, kò sí ímeèlì, kò sí ìpè. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí mo wá kọ sí i rèé:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ilé ń kọ́? Ibi tíṣẹ́ wa dé ni mo ní kí n sọ fún yín. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ti parí, mo sì ti to àyè tọ́jà máa wà sílẹ̀. Mo rò ó pé a ò tíì nílò gbogbo fọ́tò náà báyìí, mẹ́fà péré nínú ọjà tó ń tà jù lẹ́ ó fún mi, fóònù yín náà lẹ lè fi yà á. Mo ti fi nǹkan tẹ́ ẹ bá mi sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ 'Nípa Wa,' òun ló wà nísàlẹ̀ yìí, ibi tí ò bá bá yín lára mu, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣé mẹ́fà yẹn á ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí, àbí ká jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀? Èyí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì ló tẹ́ mi lọ́rùn mà."

Ẹ ẹ́ rí i pé mi ò ka ọjọ́ fún un, mi ò sọ pé "bí mo ṣe sọ tẹ́lẹ̀," mi ò sì fi ímeèlì àtijọ́ ránṣẹ́ padà, torí ẹ̀rí ẹjọ́ nìyẹn máa ń jọ lójú ẹni tára ń ni. Mo kọ́kọ́ fi iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ hàn án, kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ò kú. Ìgbà yẹn ni mo wá dín ẹrù ẹ̀ kù, ogójì di mẹ́fà, èyí tó yẹ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ di èyí tó kàn máa kà, tó máa tún ṣe. Ibí yìí niṣẹ́ pọ̀ sí jù o, torí ẹni tí ò mọ ohun tó máa kọ nípa ara ẹ̀ rárá, tẹ́ ẹ bá gbé ìwé tó ní àṣìṣe síwájú ẹ̀, kíá lá mú bírò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo sì fi parí ẹ̀, èyí tó lè fi "lọ́sẹ̀ yìí" tàbí "oṣù tó ń bọ̀" dáhùn látorí ìdúró, ìdáhùn méjèèjì ò sì ní tì í lójú. Tí "oṣù tó ń bọ̀" bá máa bí yín nínú, ẹ má fi síbẹ̀ rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fèsì. Àṣé gbogbo ogójì yẹn ló fẹ́ yà tán pa pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, fọ́tògíráfà tó bá sọ̀rọ̀ ti já a kulẹ̀, àwọn kan nínú ọjà ọ̀hún ti tà, iye àwọn tó kù sì ti yí padà. Ohun tí mo béèrè ló tóbi jù fún un, kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣe é. Ó fi fóònù ya mẹ́fà, ẹsẹ̀ ẹ̀ tiẹ̀ hàn nínú ọ̀kan, mo gé e kúrò, mo gbé gbogbo wọn sórí wẹ́búsáìtì lálẹ́ yẹn, mo fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́. Bí mo ṣe yára yẹn ṣe pàtàkì, torí tó bá jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo tó fi nǹkan hàn án, gbogbo ẹ̀ á tún tutù. Látìgbà yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi ìyókù ránṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti fèsì, ẹ má béèrè ohun tó fà á o. Tí wọ́n bá ní "ẹ má bínú," ẹ ní "kò séwu mà," kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ ṣe dáadáa gbà láti parí ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá tẹ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn ti lọ, ọjọ́ tuntun ni kẹ́ ẹ dá, kẹ́ ẹ kà á látọjọ́ tí nǹkan bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ sì tún bi wọ́n bóyá nọ́ńbà fóònù, iye ọjà àti àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fún yín tẹ́lẹ̀ ò tíì yí padà.

Èyí tó jẹ́ pé dìsáìnì ni ò wù ú, ẹ má bi í pé ṣé ó wù ú, ó máa ní ó wù ú ni. Ẹ bi í pé: "Nínú àwọ̀, fọ́tò àti bí ọ̀rọ̀ ṣe tò, èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?" Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa fún un láyè láti rí àléébù láìjẹ́ pé ó bú yín. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀gá ló ni àṣẹ, ẹ má fo ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ dá lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ẹ má sì lọ sọ ọ́ nínú gúrúùpù tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ẹ bi í bóyá kẹ́ ẹ bá a kọ ìlà mẹ́ta tó máa fi ṣàlàyé fún ọ̀gá. Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ má da ọ̀rọ̀ íńfọ́ìsì mọ́ mẹ́sẹ́ẹ̀jì tẹ́ ẹ fẹ́ fi mú kí iṣẹ́ tún máa lọ, ẹ lè ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ parí apá tí owó tó san ká, kẹ́ ẹ fà á lé e lọ́wọ́, kí ìyókù sì dúró dìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ pé àìsàn ni tàbí pé wọ́n ṣòfò, ẹ kí wọn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kún un rárá.

Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí wọn ò fèsì, mo máa ń gba ọ̀nà míì, bó bá jẹ́ ímeèlì ni mo lò, mo máa kọ ìlà méjì, mẹ́ta sórí Wásáàpù. Tí mo bá máa pè, ẹ̀ẹ̀kan ni, torí ìpè mẹ́rin tí wọn ò gbé máa ń dẹ́rù bani. Tíyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, mo máa kọ ọ́ pé látọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, màá gbé iṣẹ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo fáìlì wọn wà nípamọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe tán kí wọ́n kàn sọ pé "ó yá," màá wo àyè tó bá ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe ìhàlẹ̀ o, mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóòótọ́, màá gba iṣẹ́ míì sí àyè ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí ò dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, mẹ́sẹ́ẹ̀jì yìí ni wọ́n máa ń fèsì sí. Àwọn kan lára àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń kọ ọ́ sí kọ́sítọ́mà pé "tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbà pé ẹ ti fọwọ́ sí i." Tó bá jẹ́ àwọ̀ bọ́tìnì, kò burú, àmọ́ ẹ má fìyẹn gbé wẹ́búsáìtì síta fáyé rí, ẹ má sì fi ná owó wọn.

Nínú àdéhùn mi báyìí, ìlà kan wà níbẹ̀ pé tí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí ìdáhùn, iṣẹ́ á dúró, a ó sì dá ọjọ́ tuntun tó bá tún bẹ̀rẹ̀. Báláǹsì náà, mi ò kọ ọ́ mọ́ pé "tí wẹ́búsáìtì bá jáde," torí ìdákẹ́jẹ́ wọn á dá owó mi dúró nìyẹn. Dìsáìnì ní owó tiẹ̀, kíkọ́ wẹ́búsáìtì ní tiẹ̀, gbígbé e síta náà ní tiẹ̀. Tí kọ́sítọ́mà bá wá dákẹ́, mo ti gba owó ibi tí mo ṣe dé, mo sì lè fi sùúrù kọ̀wé sí i.