Yógọ́ọ̀tì tí mo rà fún Màmá lójú títì

Ọjọ́ kẹta tí Màmá bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò tí dókítà kọ fún wọn nítorí àyà ni inú wọn yí padà. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, omi lásán ni. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló tú àṣírí.

Mo ti ń gbọ́ pé yógọ́ọ̀tì máa ń dá irú ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ra ìgò mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Ròòdù, n'Íbàdàn. Oòrùn ti pa ìgò náà débi pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá mu ún fún ọjọ́ méjì. Ìgbẹ́ kò dúró. Ohun tí wọ́n rí sọ nípa rẹ̀ ni pé ó dùn jù.

Mo lọ bá obìnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa, apòògùn tó kọ́ṣẹ́ yanjú ni. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí yà mí lẹ́nu. "Àǹtí, ṣé inú fíríìjì lẹ ti rà á ni, àbí lójú títì?"

"Lójú títì ni, mà."

"Ẹ ò rí nǹkan. Ìyẹn ò láàyè mọ́. Mílíìkì kíkan tí wọ́n fi ṣúgà sí lẹ rà."

Ó wá ṣàlàyé. Oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú ìfun wa, tí wọ́n ń jẹ nínú oúnjẹ tí àwa fúnra wa kò lè dà. Oògùn apakòkòrò kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bó ṣe ń pa kòkòrò tó wà ní àyà ló ń pa ti inú ìfun pẹ̀lú. Oúnjẹ tí ó yẹ kí wọ́n jẹ á jókòó síbẹ̀, á fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á sì di omi. Amọksisílíìnì tí wọ́n fi kílafulánétì kún, irú èyí tí Màmá ń lò, wà lára àwọn tó máa ń fa èyí jù. Èrò tó wà nídìí yógọ́ọ̀tì ni pé kòkòrò ọ̀rẹ́ tó wà láàyè nínú rẹ̀ á bá wa dí àyè náà títí àwọn onílé á fi padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní póróbáyótíìkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yógọ́ọ̀tì onígò tó lè jókòó lórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan láìsí fíríìjì, wọ́n ti gbé e kaná lẹ́yìn tó kan tán. Ìdí tí kì í fi í bàjẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí kò fi sí ohun alààyè nínú rẹ̀.

Èmi tí n kì í fẹ́ gba nǹkan gbọ́ láìrí i, mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo po mílíìkì oníyẹ̀fun, mo gbé e kaná, mo jẹ́ kó tutù títí ìka mi fi lè wà nínú rẹ̀ tí mo fi ka ení, èjì dé mẹ́wàá láìyọ ọ́. Mo pín in sí abọ́ mẹ́ta. Mo fi ṣíbí kan yógọ́ọ̀tì ojú títì sí ọ̀kan, ṣíbí kan èyí tí mo rà nínú fíríìjì ilé ìtajà sí èkejì, n kò sì fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Mo dé wọn, mo kó wọn sínú kúlà, mo fi aṣọ wé e láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀. Ti inú fíríìjì dì bí ẹ̀kọ tútù, ó sì kan. Ti ojú títì ń ṣàn bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kò yàtọ̀ sí abọ́ kẹta. Bí abọ́ kẹta yìí bá dì tàbí tó bá ń rùn, a jẹ́ pé abọ́ ni kò mọ́, ìdánwò yẹn ti bàjẹ́. Ẹ má mu ohun tí ẹ fi dán nǹkan wò, ẹ dà á nù.

Nígbà tí Màmá rí mi pẹ̀lú abọ́ mẹ́ta, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní omidùn, omi orí ògì, ni wọ́n ń fún àwọn lábúlé nígbà tí inú bá ń ṣu. Kò jìnnà sí òótọ́, nítorí irú kòkòrò tó ń mú ògì kan jẹ́ ìbátan ti yógọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ gbígbóná kò ní í ṣe iṣẹ́ yẹn, iná ti pa wọ́n. Omidùn tútù náà kò mọ́ ju omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo lọ, n kò sì fẹ́ dán ìyẹn wò lára ẹni ọdún 71.

Yógọ́ọ̀tì alààyè kọ́ ló wo Màmá sàn o. A ti pẹ́ jù. Omi iyọ̀ àti ṣúgà ló gbé wọn ró: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, nínú lítà omi kan tó mọ́. Mo pe dókítà, ó ní kí wọ́n má dá oògùn dúró, ìgbẹ́ náà sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó tán. Apòògùn yẹn sọ fún mi pé ìdènà ni yógọ́ọ̀tì wà fún, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oògùn. Ní 2007, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fún àwọn tó lé ní ọdún 50 ní yógọ́ọ̀tì mímu alààyè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn oògùn. Nǹkan bí 12 nínú 100 ló ní ìgbẹ́ gbuuru, nígbà tí ó tó 34 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n fún ní mílíìkì aládùn tí kò ní kòkòrò alààyè. Ṣùgbọ́n ní 2013, ìwádìí tó tóbi gan-an lórí àwọn àgbà tó ń lọ sí bí 3,000, tí wọ́n fún ní póróbáyótíìkì oníhóró, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Nítorí náà, mo kà á sí nǹkan tó lè ranni lọ́wọ́, n kò kà á sí oògùn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà: àwọn tí ara wọn kò lágbára láti bá àrùn jà, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tí wọ́n fi rọ́bà oògùn sínú iṣan rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà àti inú rírun dà pọ̀ mọ́ ọn, ilé ìwòsàn ló kàn, kódà bí oògùn bá ti tán láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kòkòrò burúkú kan wà tó máa ń gba ilé nígbà tí àwọn onílé ti kú. Ẹ má lo oògùn tó ń so ìgbẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ó lè sé májèlé mọ́nú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àrùn ilé ìtọ̀ mú Màmá, dókítà sì kọ sípúrò. Mo sáré gbé yógọ́ọ̀tì alààyè wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, apòògùn sì dá mi dúró. Kálísíọ́mù inú mílíìkì máa ń so mọ́ sípúrò nínú ikùn, ó lè dín ohun tó wọ ara kù tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Tetirasáìkílìnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé kí wọ́n lo sípúrò ní wákàtí méjì ṣáájú ohun tó ní mílíìkì, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́ ni Màmá ń lo tiwọn, a jẹ́ pé láàárín aago mẹ́sàn-án sí ọ̀kan ọ̀sán ni àyè ti ọ̀sán wà. A fi ife kékeré kan sí aago mẹ́wàá, èkejì sí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́. Amọksisílíìnì kò ní ìṣòro mílíìkì yìí, wákàtí méjì ti tó láàárín wọn, kí oògùn má baà pa kòkòrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu.

Mo kọ àwọn aago náà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni tíì àárọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi mu ún ní dúdú, tí wọ́n ń wò mí láti orí ife bí ẹni tó jalè.