Bí fáìlì bá ń falẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ẹ wo dúpúlẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó ra suíìṣì tuntun

Àwọn awọnlẹ̀ kan wà ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, tí mo máa ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Ọ́fíìsì wọn ò tóbi. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe sáfà tí gbogbo wọn ń kó àwòrán ilẹ̀ sí, suíìṣì kan ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n pè mí sí ni pé fáìlì tó tó 500 MB ń lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó dé orí sáfà. Ọ̀gá wọn ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe: “Ẹ̀njiníà, ẹ bá wa wá suíìṣì tó dáa, èyí ti gbó.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ ná.”

Suíìṣì wọn, 100 Mbps ni. Bí ara ẹ̀ bá dá, fáìlì á máa gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi 11 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí túmọ̀ sí pé 500 MB ò gbọdọ̀ pé ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ohun tí mo ń rí lójú kọ̀ǹpútà kò ju 250 KB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo wá fi píìngì wo sáfà, kò sí àbùkù kankan: gbogbo ẹ̀ ló ń dáhùn, kíá ló sì ń dáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fura. Píìngì kékeré ni, ọ̀kan á lọ, èsì ẹ̀ á padà, wọn kì í pàdé lójú ọ̀nà. Fáìlì ńlá ò rí bẹ́ẹ̀, torí bí ìsọfúnni ṣe ń lọ ni ìwé ìgbà-á-wọlé ń bọ̀ láti apá kejì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da fáìlì náà kọ láti fódà kan sí òmíràn lórí sáfà fúnra ẹ̀. Kíá ló parí, nítorí náà dísíìkì ò ní ẹ̀bi. Mo tún fi ránṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà méjì mìíràn tí sáfà ò sí nínú ẹ̀, òun náà lọ geere. Ọ̀ràn wá kù sí okùn àárín sáfà àti suíìṣì nìkan.

Mo ṣí ètò káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sáfà náà, mo lọ sí `Advanced`, mo wo `Speed & Duplex`, níbi tí wọ́n ti ń yan ìyára àti dúpúlẹ́ẹ̀sì, ìyẹn bóyá apá méjèèjì lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ní fúù, tàbí kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn, tí wọ́n ń pè ní háàfù. Ẹnì kan ti fi í sí `100 Mbps Full Duplex`. Ẹni tó ṣe é rò pé òun ń mú un yára ni. Àṣà àtijọ́ ni: nígbà tí ìdúnàádúrà aládàáṣe, ìyẹn kí ẹ̀rọ méjì fúnra wọn fẹnu kò lórí ìyára àti dúpúlẹ́ẹ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1995, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan àti ti òmíràn kì í sábà gbọ́ra wọn yé, àwọn oníṣẹ́ sì máa ń fọwọ́ yàn án. Àṣà yẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Suíìṣì kékeré tí kò ní ojú-ìwé ètò kò mọ̀ ju kó bá ẹni tó wà níwájú ẹ̀ dúnàádúrà lọ. Káàdì tí wọ́n ti fọwọ́ dè kì í dá a lóhùn mọ́. Suíìṣì lè mọ ìyára láti ara àmì tó ń gba orí wáyà bọ̀, ó sì mú 100, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè mọ dúpúlẹ́ẹ̀sì. Òfin ní kó mú háàfù nígbà bẹ́ẹ̀. Sáfà wá gbà pé òun lè máa sọ kí òun máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, suíìṣì ní tiẹ̀ gbà pé bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì dákẹ́, bíi rédíò ọlọ́dẹ tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí suíìṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan ránṣẹ́ tí sáfà náà sì sọ̀rọ̀ lé e, suíìṣì á ka á sí ìforígbárí, á já ohun tó ń sọ sí méjì. Àjákù yẹn ló máa dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà á kà á sí àṣìṣe, á dà á nù. Wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdúró yẹn ló ń jẹ gbogbo àkókò.

Ẹ lè fojú ara yín rí i lórí Windows, nínú PowerShell:

```
Get-NetAdapter | fl Name, LinkSpeed, FullDuplex
Get-NetAdapterStatistics | fl Name, ReceivedPacketErrors
```

Lórí Linux, `ethtool eth0` á sọ dúpúlẹ́ẹ̀sì, `ethtool -S eth0` á sì ka àṣìṣe. Ẹ ka iye àṣìṣe yẹn, ẹ da fáìlì ńlá kọ, kí ẹ tún un kà. Ní ti sáfà yìí, ńṣe ló ń gorí sí i níwọ̀n ìgbà tí fáìlì bá ń lọ, ó sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí kò bá sí iṣẹ́.

Mo yí i padà sí `Auto Negotiation`. Fáìlì 500 MB náà ò pé ìṣẹ́jú kan mọ́. Bí suíìṣì yín bá ní ojú-ìwé ètò, ẹ lè fọwọ́ yàn án, ṣùgbọ́n apá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ má fọwọ́ yan ẹyọ kan ṣoṣo. Bó bá sì jẹ́ gígábíìtì lórí wáyà bàbà, ẹ má fọwọ́ dè é rárá, torí ìdúnàádúrà jẹ́ dandan nínú ìlànà ẹ̀.

Gbogbo wọn yọ̀, àfi àǹtí tó ń ya àwòrán ní igun yàrá. Ó ní, “Tèmi ò tíì yàtọ̀ o.” Òótọ́ ló sọ. Apá méjèèjì wà lórí `Auto`, dúpúlẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì jẹ́ fúù, síbẹ̀ àṣìṣe ń gorí, kódà nígbà tí kò da nǹkankan kọ. Ìyàtọ̀ nìyẹn: àìbáradọ́gba dúpúlẹ́ẹ̀sì ń farahàn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, pọ́ọ̀tù tàbí kébù tó bàjẹ́ kì í dúró de iṣẹ́. Mo fi píìngì ńlá dán an wò:

```
ping -n 100 -l 1400 192.168.1.10
```

Àwọn kan sọnù lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo pààrọ̀ kébù, kò yí padà. Mo gbé kébù kan náà lọ sí ihò mìíràn lórí suíìṣì, ó dá. Mo wá fi kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara ẹ̀ dá sí ihò àkọ́kọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọfúnni nù. Àṣìṣe tẹ̀lé ihò, kò tẹ̀lé kébù, kò tẹ̀lé kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tan iná sínú ihò náà, ọ̀kan nínú àwọn pín-ìn-nì wúrà mẹ́jọ ti tẹ̀ wọlé, ó sì ti dí pẹ̀lú ìpata.

Mo fi téèpù dí ihò yẹn kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó mọ́. Mo yẹ àwọn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wò pẹ̀lú, torí nínú ọ̀pọ̀ suíìṣì, ṣípù kan ṣoṣo ló ń bójú tó ihò mélòó kan, bí mànàmáná tàbí iná tó ga jù bá sì bà á jẹ́, kì í sábà mọ sórí ihò kan. Ìwọ̀nyẹn dá. Mo sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n mú owó suíìṣì náà dúró. Bí ihò tó kàn an bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe, a jẹ́ pé ṣípù inú ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, ìgbà yẹn ni kí wọ́n rà á.