Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àyè òfìfo inú alumíníọ̀mù, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe metalọ́jì ní Akọkà, àti ẹ̀yin ti Yábàá Tẹ́ẹ̀kì tẹ́ ẹ máa ń pè mí tí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ àyè òfìfo inú kírísítálì yìí, ìyẹn ibi tó yẹ kí átọ́ọ̀mù wà tí kò sí, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti há fọ́múlà ẹ̀ sórí, ẹ lè kọ ọ́ lójú oorun, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá bi yín pé kí ló dé tí àyè yẹn fi wà níbẹ̀ rárá, ẹ ó máa wo òkè. Alumíníọ̀mù nìkan ni màá fi ṣe é, torí ó wà lára àwọn tí wọ́n wọ̀n dáadáa láyé àtijọ́, ó sì wà níbi gbogbo lọ́dọ̀ wa, látorí ìkòkò dé férémù wíńdò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé yín ni pé àyè òfìfo kì í ṣe àbùkù tí ẹni tó yọ́ irin náà fi sílẹ̀. Ẹ lè fọ alumíníọ̀mù mọ́ títí, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àyè òfìfo ṣì máa wà nínú ẹ̀. Ìdí ni pé nǹkan méjì ló ń fa ara wọn níbẹ̀. Kí átọ́ọ̀mù kan tó kúrò láàyè ẹ̀, agbára gbọ́dọ̀ wọlé, torí ìdè tó wà láàárín òun àti àwọn tó yí i ká máa já, èyí sì ń sọ pé kí àyè òfìfo má sí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńtírópì, ìyẹn òṣùwọ̀n iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà wà, ń fa tiẹ̀ lódìkejì. Ẹ wo gíráàmù 27 alumíníọ̀mù, átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ tó 6 × 10²³. Tí àyè bá fẹ́ ṣófo ẹyọ kan péré, ibi tó lè ti ṣófo jẹ́ 6 × 10²³, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí kírísítálì yẹn lè gbà wà ti pọ̀ lójijì láti orí ẹyọ kan sí iye tí ẹnu ò lè kà. Èrè ẹ́ńtírópì tó wà lórí àyè àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ gan-an, ó ju owó agbára tó ná lọ, kódà níbi ooru ilé lásán. Èyí tó tẹ̀ lé e, èrè ẹ̀ dín díẹ̀, òmíràn tún dín sí i, títí tá a fi máa dé ibi tí èrè àti owó bá dọ́gba. Ibẹ̀ ni iye àyè òfìfo máa dúró. Torí náà kírísítálì tí ò ní àyè òfìfo kankan gan-an ni èyí tí ò dúró dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ni gbogbo ìyókù ti jáde.

Ibi ìdọ́gba yẹn ló bí fọ́múlà:

```
c = exp(S/k) × exp(-E/kT)
```

c ni ìdá àwọn àyè tó ṣófo nínú gbogbo àyè átọ́ọ̀mù, E ni agbára tá a fi ń dá àyè kan sílẹ̀, T ni ooru ní Kẹ́lífìn, k ni kọ́ńsítáǹtì Boltzmann, ó jẹ́ 8.617 × 10⁻⁵ eV/K. S kì í ṣe ẹ́ńtírópì ọ̀nà tó pọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn o, ìyẹn ti wọnú bí fọ́múlà ṣe rí. S yìí jẹ́ ti bí àwọn átọ́ọ̀mù tó yí àyè òfìfo ká ṣe ń gbọ̀n, wọ́n ti ráyè díẹ̀ sí i, ìgbọ̀nrìrì wọn yí padà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń yọ ọ́ kúrò pátápátá kí iṣẹ́ lè yá, kò burú fún kíláàsì, àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Lọ́dún 1960, Simmons àti Balluffi wọn alumíníọ̀mù ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí E bíi 0.76 eV àti S bíi 2.4k. Nítorí náà exp(2.4) jẹ́ 11, kò ní yí padà bóyá irin gbóná tàbí ó tutù. Ẹ mú 300 K, ìyẹn ooru ilé lásán. kT jẹ́ 0.0259 eV, 0.76 pín sí i jẹ́ 29.4, exp ti òdì 29.4 jẹ́ 1.7 × 10⁻¹³, ẹ fi 11 lọ́po ẹ̀, c jẹ́ nǹkan bíi 2 × 10⁻¹². Àyè méjì péré ló ṣófo nínú tírílíọ̀nù kan. Ẹ wá sọ T di 600 K, ìlọ́po méjì géérégé. kT di 0.0517, èyí tó wà nínú exp já sí ìdajì, 14.7, c sì di 4.6 × 10⁻⁶. Ooru lọ sókè ní ìlọ́po méjì, àyè òfìfo lọ sókè ní ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù méjì lọ! Ní 933 K tó ti fẹ́ yọ́, c jẹ́ 9 × 10⁻⁴, ká sọ pé àyè 9 nínú 10,000. Ẹ wò ó dáadáa, láti 600 dé 933 kò ju ìlọ́po igba lọ, torí náà ìlọ́po náà kì í dọ́gba bí ooru ṣe ń gòkè, ohun tó máa dọ́gba ni tẹ́ ẹ bá ya ln c sórí 1/T, ìlà gbọọrọ ló máa fún yín, bí ìlà náà sì ṣe dagun tó ni òdì E/k.

Mo ti máàkì iṣẹ́ àwọn tó wà nípele kejì rí, àṣìṣe méjì ló sì ń padà wá ṣáá. Èkíní ni fífi ooru Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì sínú T. Tẹ́ ẹ bá fi 660 síbẹ̀ dípò 933, kàkúlétọ̀ máa fún yín ní 1.7 × 10⁻⁵, ó kéré ju òótọ́ lọ ní ìlọ́po 50, ojú ẹ̀ sì dà bí èsì gidi, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn. Ẹ fi 27 síbẹ̀ dípò 300 kẹ́ ẹ rí i, ó máa sọ pé 10⁻¹⁴¹, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní sí àyè òfìfo ẹyọ kan nínú gbogbo alumíníọ̀mù tó wà láyé. Nígbà náà lẹ máa mọ̀. Èkejì ni pé kí E wà ní eV kẹ́ ẹ sì lo R, 8.314 J/mol·K, dípò k. Ìyẹn máa sọ c di 11, àyè òfìfo ju àyè tó wà lọ, kò ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ R lẹ fẹ́ lò, ẹ sọ 0.76 eV di kílójúùlù 73 fún móòlù kan. Ẹ má sì mú E láti inú ìwé kan kẹ́ ẹ wá mú S láti inú òmíràn o. Àwọn ìwé kan máa ń kọ E alumíníọ̀mù sí bíi 0.67 eV, S tiwọn kéré sí 2.4k, tẹ́ ẹ bá so 0.67 yẹn mọ́ 2.4k, èsì yín ní 933 K máa sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Simmons àti Balluffi wọ̀n.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe wọ̀n ọ́n? Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ronú nípa ọjà Téjúoṣó, pé ìsọ̀ gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ìyá oníṣọ̀ọ́bù kan láàárín ọjà kó ẹrù ẹ̀, ó fi ìsọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó lọ sí etí ọjà, ó kan ìsọ̀ tuntun síbẹ̀. Ìwọ̀n ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ò yí padà, àmọ́ ọjà ti fẹ̀ sí i. Bó ṣe rí nìyẹn nínú irin: átọ́ọ̀mù tó kúrò kì í pòórá, ojú irin ló ń lọ tàbí ààlà gíréènì, níbi tí kírísítálì kékeré méjì ti pàdé, ó wá di ara kírísítálì níbẹ̀. Irin ti gùn sí i ju bí ìwọ̀n àárín átọ́ọ̀mù sí átọ́ọ̀mù ṣe fẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n wọn gígùn ọ̀pá alumíníọ̀mù bó ṣe ń gbóná, wọ́n sì fi ẹkísíréè wọn àárín átọ́ọ̀mù níbi ooru kan náà, wọ́n yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì, wọ́n fi 3 lọ́po ẹ̀:

```
c = 3 × (ΔL/L - Δa/a)
```

L ni gígùn ọ̀pá, a ni àárín átọ́ọ̀mù. 3 yẹn wá torí pé irin ń fẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, gígùn nìkan la sì wọ̀n. Ní ibi yíyọ́ wọ́n rí 9.4 × 10⁻⁴. Ìyàtọ̀ náà kéré o, lórí ọ̀pá mítà kan, kò ju mìlímítà 0.3 lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó tún dára níbẹ̀ ni pé ọ̀nà yìí ń sọ irú àbùkù tó pọ̀ jù fún wa. Ká ní átọ́ọ̀mù tó lọ há sáàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ló pọ̀ jù ni, ìyàtọ̀ yẹn máa jẹ́ òdì, torí irin á máa pàdánù átọ́ọ̀mù etí ẹ̀ sínú. Kò jẹ́ òdì. Àyè òfìfo ló borí.

Ẹ kíyè sí i pé òkè, níbi tó ti gbóná gan-an, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà 300 K tá a ṣe lókè yẹn, ìlà la fà dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà yìí rí i. Simmons àti Balluffi fúnra wọn fún E ní àyè àṣìṣe 0.04 eV. Ní 933 K, ìyẹn ò ju ìlọ́po 1.6 lọ, ní 300 K ó ti di ìlọ́po bíi 5. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ èsì ooru ilé, ẹ má kọ nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn póìǹtì.

Gbogbo èyí wúlò fún ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nídìí iná, pàápàá lórí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà sí. Lọ́dún 1906 ni Alfred Wilm ní Jámánì rí i pé irú àdàlù yẹn, tí wọ́n bá gbé e gbóná tí wọ́n sì rì í bọ omi kíákíá, á máa le sí i fúnra ẹ̀ lórí tábìlì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kọ́pà inú ẹ̀ ló ń rìn kóra jọ, àyè òfìfo ló sì ń lò láti rìn, ó ń bọ́ sínú èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi fọ́múlà wa ṣe 803 K, ìyẹn 530 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti sábà máa ń gbé e gbóná: c jẹ́ 1.9 × 10⁻⁴. Ẹ fi wé ti 300 K, ìlọ́po mílíọ̀nù 100 ni. Omi tutù máa ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn há sínú irin kí wọ́n tó ráyè dé ojú irin, ààlà gíréènì tàbí dísílokéṣọ̀n, ìyẹn ìlà tí ìtò átọ́ọ̀mù ti yẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń parẹ́, nítorí náà kọ́pà ń sáré níbi ooru ilé tí ò yẹ kó lè mira.

Ẹni tó bá wá yọ irin kúrò nínú fónéèsì tó fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kó tó rì í bọ omi, tàbí tí omi ẹ̀ ti gbóná torí ẹrù tó ti rì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, irin ẹ̀ máa ti tú àyè òfìfo yẹn dànù lójú ọ̀nà, kọ́pà náà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì sí ààlà gíréènì. Irin náà ò ní yàtọ̀ lójú. Ẹ wọn bó ṣe le tó ní kété tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú omi, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí mélòó kan àti lọ́jọ́ kejì. Èyí tí wọ́n rì dáadáa máa ń gòkè kíákíá ní wákàtí àkọ́kọ́, tí nọ́ńbà yín bá kàn ń fà lọ́wọ́, tó sì dúró sí ibi tó rẹlẹ̀, ẹ lọ wo àárín fónéèsì sí táǹkì omi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí kọ́pà.