Iná ẹ́ńjìnnì tó ń ṣẹ́jú kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó dúró

Iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ọsàn tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ ọ̀rọ̀ méjì. Bí ó bá tàn tó sì dúró, bírẹ́ẹ̀nìbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti rí àṣìṣe kan, ó sì ti kọ ọ́ pamọ́. Ó lè jẹ́ ìdérí táńkì epo tí wọn kò dé le, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ara sàlẹ́ńsà tó ti gbó. Bí ọkọ̀ bá ń lọ geere, tí omi kò gbóná, tí iná ọ́ìlì kò tàn, ẹ wà á délé, kí ẹ gbé e wá lọ́la tàbí lọ́túnla. Ṣùgbọ́n bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, kò sí ọ̀la níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń mísì, ìyẹn ni pé sílíńdà kan kò jó epo rẹ̀, epo tí kò jó náà sì ń ba katalíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà, jẹ́ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń wakọ̀ lọ. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá bá mi ní ọgbà mẹkáníìkì Àpò l'Ábùjá kì í sábà sọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n rí. “Iná tàn” ni gbogbo wọn ń wí, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n nìyẹn: ṣé ó dúró ni, àbí ó ń ṣẹ́jú?

Báwo ni bírẹ́ẹ̀nìbọ́ọ̀sì ṣe ń mọ̀? Bí sílíńdà bá jó epo, ó máa ń ti kírànkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, síwájú. Èyí tí kò jó kò ní ti nǹkan kan, kírànkì á sì fà díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ṣọ́ eyín ara kírànkì, òun ló ń rí ìfàsẹ́yìn yẹn, bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó nínú ọkọ̀ kò tilẹ̀ tíì fura. Bírẹ́ẹ̀nìbọ́ọ̀sì máa ń ka iye mísì tó wà nínú ìyípo 200. Bí iye náà bá ti tó èyí tó lè jó katalíìsì, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo 200 kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ. Mísì tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lè tan iná tó dúró, nítorí náà, iná tó dúró kò túmọ̀ sí pé kò sí mísì rárá.

Inú katalíìsì dà bí afárá oyin: amọ̀ líle tó ní ihò wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àwọn irin olówó iyebíye bíi pìlátínọ́ọ̀mù àti pàládíọ́ọ̀mù pa lára. Ooru bíi 400 sí 800°C ni wọ́n ṣe é fún. Ní ìyípo 3000 yẹn, sílíńdà kan tó ti kú ń da epo àti afẹ́fẹ́ tí kò jó sínú sàlẹ́ńsà nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Inú katalíìsì ni wọ́n ti máa ń gbiná. Bí ooru bá ti kọjá 1000°C, àwọn irin wẹ́wẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì ní lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá ń lọ sí nǹkan bí 1400°C, amọ̀ fúnra rẹ̀ á yọ́, ihò á dí, èéfín kò sì ní ráyè jáde. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa tẹ́lẹ̀ kò ní lè kọjá 60 mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Kọ̀rólà 2006 kan, ẹ́ńjìnnì 1ZZ, èrò mẹ́rin àti ẹrù ní bùútù, tó gba Zuba kọrí sí Kaduna lọ́sàn-án oṣù kẹta. Bó ṣe ń gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná sì ń ṣẹ́jú. Kí awakọ̀ mú ẹsẹ̀ fúyẹ́ lórí tọ́tù lójú ẹsẹ̀, kó pa ẹ́sì, kó má sì fi agbára gun òkè náà tán. Bí iná kò bá ṣẹ́jú mọ́, tó wá dúró, mísì ti dínkù ni, kò tíì lọ. Kó rọra rìn dé ibi tó láàbò tó súnmọ́ jù, nítorí ọ̀nà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí bó bá ṣe wù ú. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tó ti mú ẹsẹ̀ kúrò, kó pa ẹ́ńjìnnì níbi tó bá ti láàbò, kó pe tówìn. Kó má sì gbé ọkọ̀ lé orí koríko gbígbẹ: katalíìsì gbígbóná lè dá iná sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Bó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má jẹ́ kí ó yọ orí bátìrì kí iná lè kú. Yíyọ orí bátìrì máa ń pa ẹ̀rí rẹ́. Kí wọ́n ka kóòdù àṣìṣe tí bírẹ́ẹ̀nìbọ́ọ̀sì kọ pamọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. P0300 ni mísì tó ń káàkiri. P0301 sí P0304 ń dárúkọ sílíńdà. Ká ní P0303 ló jáde. Lára 1ZZ, ẹ̀gbẹ́ fáńbẹ́ẹ̀tì la ti ń kà á bọ̀, ẹ̀kẹta láti ibẹ̀ ni sílíńdà 3. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ bóòtù olórí 10 tó di kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, mú, kí ẹ gbé kọ́ìlì 3 sí ojú 1, kí ẹ sì gbé ti 1 sí ojú 3. Ẹ wo inú kòtò púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó dé e. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, rọ́bà abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, ọ́ìlì náà ló sì ba rọ́bà ẹnu kọ́ìlì jẹ́; kọ́ìlì tuntun tí ẹ bá fi síbẹ̀ láìpààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ìdérí yẹn kò ní pẹ́. Ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ tan ọkọ̀. Bí P0301 bá jáde, kọ́ìlì ni. Bí P0303 bá padà wá, ẹ pààrọ̀ ojú púlọ́ọ̀gì bákan náà, lẹ́yìn náà ni ẹ óò kan íńjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo, ìwọ̀n kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ló sì máa kẹ́yìn. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ 1.1 mm. Ẹ wọ̀n ọ́n kódà bó bá jẹ́ tuntun, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Ohun kan wà tí inú mi kì í dùn sí. Ọ̀pọ̀ máa ń yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ sílíńdà tó kú. Epo sílíńdà tí ẹ yọ kọ́ìlì rẹ̀ yẹn, inú katalíìsì náà ló ń lọ. Wáyà íńjẹ́tọ̀ ni kí ẹ yọ. Sílíńdà á dákẹ́ bákan náà, epo kò sì ní wọlé rárá. Ọgbọ́n yìí kan náà lè gba ọkọ̀ là lójú ọ̀nà: bí ẹ bá mọ̀ dájú pé sílíńdà 3 ló kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà íńjẹ́tọ̀ 3, kí ẹ rọra wà á dé gáréèjì. Kìlómítà díẹ̀ ni o, kì í ṣe ìrìn-àjò. Afẹ́fẹ́ tó ń gba sílíńdà òkú kọjá máa ń mú kí sẹ́ńsọ̀ ara sàlẹ́ńsà rò pé epo kò tó, bírẹ́ẹ̀nìbọ́ọ̀sì á sì máa fi epo kún ti àwọn mẹ́ta yòókù.

Nígbà tí mísì bá ti lọ tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣọ́ ọkọ̀. Bí P0420 bá wá tan iná tó dúró, agbára katalíìsì ti dínkù. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ìkúùkù kàn án nígbà tó tutù, tó sì ń ró ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ nínú, afárá ti fọ́. Àwọn kan á ní kí àwọn wú u jáde, kí wọ́n jó ìkòkò òfìfo padà. Ọkọ̀ á sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n P0420 kò ní kúrò níbẹ̀, ohun tí wọ́n wú jáde sì lówó lórí. Ẹ béèrè ibi tó gbà.