Ikú tí kò ní àjíǹde àti oògùn tó ń pààrọ̀ àwọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ máa ṣe géèmù, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí géèmù kọ̀ǹpútà irú Rogue fi ń pani pátápátá, tó sì tún máa ń to gbogbo yàrá àti ọ̀nà lọ́tun kéèyàn tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: wọ́n ní ikú wà kí géèmù lè le, àtúntò wà kó má baà sú èèyàn. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ọ̀kan ò wúlò tó láìsí èkejì. Oògùn inú Rogue ni mo sì máa fi ń ṣàlàyé ẹ̀.

Michael Toy àti Glenn Wichman ló bẹ̀rẹ̀ Rogue ní nǹkan bí ọdún 1980 ní Yunifásítì California, Ken Arnold sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Lẹ́tà àti àmì lásán ló wà lójú kọ̀ǹpútà: `@` ni ẹni tó ń fi géèmù ṣeré, lẹ́tà ńlá láti `A` dé `Z` ni àwọn ọ̀tá. Bí ẹ bá he ìgò oògùn, géèmù á sọ àwọ̀ ẹ̀ fún yín, kò ní sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó lè jẹ́ ìwòsàn, ó lè fọ́ni lójú, ó lè dà yín lọ́kàn rú débi pé ẹsẹ̀ yín ò ní gba ibi tí ẹ darí ẹ̀ sí mọ́, ó sì lè jẹ́ májèlé tó ń dín agbára kù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ni àwọ̀ wọ̀nyí ń pààrọ̀ ara wọn. Pupa tó wò yín sàn lánàá lè jẹ́ májèlé lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀mí yín ti lọ sílẹ̀ gan-an, `T` kan ń bọ̀ nínú ọ̀nà tóóró, ìgò búlúù méjì àti aláwọ̀ ewé kan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì mọ ọ̀kankan nínú wọn. Èwo lẹ máa mu? Búlúù ni èmi máa mu: èyí tó bá pọ̀ lọ́wọ́ ló ṣeé ṣe jù pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó wọ́pọ̀, ìwòsàn sì wà lára wọn. Kò dájú, àmọ́ ó nídìí.

Ẹ wá mú ikú àkúpátápátá kúrò. Ẹ tọ́jú ibi tí ẹ dé sínú fáìlì, ẹ mu búlúù, bí kò bá dáa, ẹ ṣí fáìlì náà padà kí ẹ mu aláwọ̀ ewé. Ẹ ò ronú kankan. Ẹ fi ikú sílẹ̀, ẹ wá mú àtúntò kúrò: láti ìgbà tí ẹ ti kọ́kọ́ fi ṣeré lẹ ti mọ̀ pé búlúù ni ìwòsàn, ọ̀rẹ́ yín tí kò tíì fi ṣeré rí náà á sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọ̀nà méjèèjì ló pa ìbéèrè yẹn. Ìdí nìyẹn tí Rogue fi ń gbà kí ẹ tọ́jú géèmù kí ẹ lọ sùn, ṣùgbọ́n tó ń pa fáìlì náà rẹ́ ní kété tí ẹ bá padà dé.

Ohun tó ṣẹ́ kù tí ikú ò lè gbà lọ́wọ́ yín ni ọgbọ́n. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ mọ̀ pé ìgbà tí ara bá le, tí kò sí ọ̀tá nítòsí, ló yẹ kéèyàn dán oògùn àìmọ̀ wò. Bó bá tiẹ̀ bọ́ sí ìwòsàn, kò ṣòfò pátápátá, torí pé ẹni tí ara ẹ̀ dá tó bá mu ún, òdiwọ̀n ẹ̀mí ẹ̀ á fi ọ̀kan lé.

Ẹ má rò pé àtúntò ni kí nǹkan rí báa ṣe wù ú. Rogue máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí àpótí mẹ́sàn-án, mẹ́ta lóròó, mẹ́ta níbùú. Ó lè fi yàrá sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ó sì lè yọ díẹ̀ sílẹ̀ láìní yàrá. Lẹ́yìn náà, á mú àpótí kan, á la ọ̀nà lọ sí aládùúgbò ẹ̀ tí kò tíì ní ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí gbogbo wọn á fi so kọ́ra. Ìgbà yẹn ló tó fi ọ̀nà díẹ̀ kún un. Nítorí náà, kò sí bí àtẹ̀gùn tó lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ ṣe lè wà níbi tí ẹsẹ̀ ò lè dé. Níbi tí ikú ò ti ní àjíǹde, irú ìdánilójú yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò: bí àtúntò bá sé èèyàn mọ́ yàrá kan, gbogbo wákàtí tó ti fi ṣeré ló ṣòfò.

Ibi tí ti àwa olùṣe ti máa ń bà jẹ́ ni ikú tí kò ní ìpinnu nínú. Báyìí ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: mo máa ń jẹ́ kí géèmù kọ nọ́ńbà tó fi to nǹkan sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnì tí ẹni náà tẹ̀. Nọ́ńbà kan náà á to ibi kan náà, nítorí náà mo lè wo ikú yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n máa padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá rí ibi tó ti lè sá, tó ti lè mu oògùn, tàbí tí kò yẹ kó wọ yàrá yẹn, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá padà dé ẹnu àtẹ̀gùn tó gbà wọlé tí mi ò sì rí nǹkan mìíràn tó lè ṣe, ètò tó ń to yàrá ni mo máa tún ṣe.