Ẹnu ìlà tí kò pàdé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí èèkù ọ̀bẹ

Èèkù ọ̀bẹ ni mo fi pẹ́ńsù yà sórí bébà, tí mo sì tọ ìlà rẹ̀ sínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ohun tó ní ìnípọn, kí ó lè fún un ní ìnípọn 18 mm. Gbogbo ìlà ló wà níbi tó yẹ lójú mi. Mo tẹ Pad, irinṣẹ́ tó ń gbé àwòrán pẹrẹsẹ dìde, èsì tó jáde ni `Wire is not closed`, ìyẹn ni pé ìlà kò pa ẹnu dé. Mo tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo fa igun kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ojú mi, ó dà bíi pé ìlà fẹnu kan ìlà níbi gbogbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú rẹ̀ pàdé mọ bó ṣe ń dunni. Àlàfo tó fa gbogbo wàhálà náà jẹ́ 0.008 mm.

Ohun tí Pad ń fẹ́ ni ìlà tó yí po tó sì padà sí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Kí ìlà méjì sún mọ́ra kò tó. Àfi kí Coincident, ìdè tó ń lẹ ẹnu ìlà méjì mọ́ ojú kan náà, so wọ́n pọ̀, tàbí ìdè mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ìlà mẹ́rin ni èèkù náà ní: ìlà gbọọrọ kan níwájú, níbi tí irin ọ̀bẹ ti wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ tó rí roboto, àti ikùn tí ọwọ́ ń dì mú. Mo fi B-spline, ìlà tó ń tẹ̀ bí àwọn àmì ìdarí rẹ̀ bá ṣe fà á, ya ikùn yẹn pẹ̀lú àmì mẹ́fà, mo sì fi Tangent, ìdè tó ń mú kí ìlà kan wọ inú èkejì láìsí igun, so ó mọ́ ìdí. Bí Coincident bá ti wà láàárín ẹnu méjì tẹ́lẹ̀, Tangent tá a bá fi sí ẹnu wọn máa ń gba ipò rẹ̀. Nígbà tí FreeCAD ní ìdè ti pọ̀ jù, mo pa Tangent rẹ́, ìsopọ̀ ẹnu méjèèjì sì bá Tangent náà lọ. Kò sí ohun tó yí padà lójú. Ìgbà tí mo tún ìwọ̀n ìdí náà ṣe ni ẹnu méjèèjì yà síra. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá pa Tangent rẹ́ ní ẹnu ìlà, ẹ fi Coincident dípò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ tọ ìlà á gbà yín lọ́wọ́ èyí. Bí Trace Bitmap nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán mìíràn, ṣe sábà máa ń ṣiṣẹ́, ibi dúdú ló ń yí po, kì í ṣe àárín ìlà. Lórí síkánà 300 dpi, ìlà pẹ́ńsù 0.7 mm nípọn tó píksẹ́lì mẹ́jọ, nítorí náà etí méjèèjì ló máa yà. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa rí, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àmì tí kò wúlò. Ọwọ́ ni mo fi ń tọ àárín ìlà náà.

Ìwọ̀n ńkọ́? Kí n tó fi bébà sínú síkánà, mo fi rúlà sàmì méjì sí i lórí ìlà tó dùbúlẹ̀, 100 mm láàárín wọn, àti òmíràn ní 50 mm sókè. Nínú FreeCAD, ẹ tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yan Calibrate, kí ẹ tẹ àmì méjèèjì, kí ẹ sì kọ `100 mm`. Èyí tó wà lókè ni ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá jẹ́ 50, bébà náà wọ́ tàbí fóònù lẹ fi yà á. Ẹ má fi ibi kékeré ṣe òdiwọ̀n: àṣìṣe píksẹ́lì méjì lórí 10 mm fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti orí 100 mm lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ẹnu ìlà, torí òun ló ń ká mi lára. Ẹ jáde nínú Sketch, ìyẹn àwòrán pẹrẹsẹ tẹ́ ẹ tọ ìlà sí, ẹ yàn án nínú igi àtòjọ iṣẹ́ yín, kí ẹ wá ṣí Validate sketch. Ẹ gbé Tolerance sí 0.01, kí ẹ tẹ Find, lẹ́yìn náà Fix. Àwọn ẹnu tó wà láàárín ìwọ̀n yẹn ló máa so. Bí àlàfo bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fúnra yín yan àmì méjèèjì kí ẹ sì fi Coincident dè wọ́n. Ó lè dùn mọ́ni láti gbé Tolerance ga kí gbogbo rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó lè so àmì tí kò yẹ kó pàdé. Èyí tí mo tiẹ̀ rí lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà ìtọ́sọ́nà kan tí n kò sọ di Construction, ìlà tí Pad kì í kà mọ́ àwòrán, òun náà ń dí Pad lọ́wọ́. Mo yí i padà, mo tẹ Pad, èèkù dìde ní 18 mm.