Kọ́mà àti sẹmikọ́lọ̀nù nínú fọ́múlà Excel: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láàárín Èkó àti Kútọnù

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń ta aṣọ. Èmi wà ní Èkó, àwọn sì wà ní Kútọnù, inú Excel ni a sì ń tọ́jú iye owó ọjà sí. Ètò Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ti Faransé sì ni ó wà lórí tiwọn. Lọ́dọ̀ mi, dọ́ọ̀tì ni a fi ń ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀, kọ́mà sì ni a fi ń ya àwọn ohun tí a kó fún fọ́múlà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, kọ́mà ti gba iṣẹ́ dọ́ọ̀tì yẹn, kò sì lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé sẹmikọ́lọ̀nù ni ó ń yà wọ́n. Ẹ wo fọ́múlà kan náà bí ó ṣe rí ní Èkó lókè, àti ní Kútọnù nísàlẹ̀:

```
=MAX(C2*0.95,500)
=MAX(C2*0,95;500)
```

Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye owó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wálẹ̀ ju 500 lọ.

Bí ẹ bá fi fáìlì `.xlsx` fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, kò sí ìyọnu kankan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Excel ń gbà kọ fọ́múlà pamọ́ sínú fáìlì, ibi yòówù kí a ti kọ ọ́, a ó sì máa rí i lójú ìboju gẹ́gẹ́ bí ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ṣí i. `IF` tèmi di `SI` lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Orúkọ yẹn ń tẹ̀lé èdè tí Excel ń sọ, àmì ìpín sì ń tẹ̀lé ètò agbègbè tí ó wà nínú Windows, nítorí náà kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí `IF` pẹ̀lú sẹmikọ́lọ̀nù lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Láti mọ èyí tí kọ̀ǹpútà kan ń lò, mo máa ń tẹ `=MAX(2,5)` sínú àpótí òfìfo: bí ó bá mú 5 jáde, kọ́mà ni ó ń yà wọ́n, bí ó bá mú 2,5 jáde, sẹmikọ́lọ̀nù ni.

Ìgbà tí a bá da fọ́múlà kọ bí ọ̀rọ̀ lásán, bóyá nínú Wọ́tsáàpù, ni ewu dé. Ọmọkùnrin tí ó ń bá wa ṣe ìṣirò gba fọ́múlà Kútọnù bẹ́ẹ̀. Excel kọ̀ ọ́, ọmọkùnrin náà sì sọ gbogbo sẹmikọ́lọ̀nù di kọ́mà:

```
=MAX(C2*0,95,500)
```

Excel gbà á láìjiyàn. Ọjà tí iye owó rẹ̀ jẹ́ 12000, tí ó yẹ kí ó di 11400, wá di 500, nítorí ohun mẹ́ta ni Excel rí níbẹ̀: C2 tí a sọ di òdo, 95, àti 500. Ká ní `IF` ni, ì bá ti pariwo pé ohun tí a kó fún un ti pọ̀ jù. Àwọn bíi `MAX` àti `SUM`, tí wọ́n ń gba iyekíye, ni kì í sọ̀rọ̀, àwọn ni mo sì máa ń yẹ̀ wò dáadáa.

Bí ó bá di dandan kí ẹ fi ọwọ́ yí i padà, ìtòtẹ̀lé iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ sọ kọ́mà inú nọ́ńbà di dọ́ọ̀tì, kí ẹ tó sọ sẹmikọ́lọ̀nù di kọ́mà. Láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, kọ́mà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di sẹmikọ́lọ̀nù, kí dọ́ọ̀tì tó di kọ́mà. Bí ẹ bá gbà á lódì, àmì méjèèjì á dà pọ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti nọ́ńbà mọ́.

Ohun kan wà tí fáìlì gan-an kì í yí padà: ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àmì ìfàyọ. Bí mo bá kọ `TEXT(A2,"yyyy")`, Excel Faransé á yí orúkọ àti kọ́mà padà, ṣùgbọ́n `"yyyy"` á wà bí ó ti wà, lẹ́tà yẹn ni yóò sì hàn dípò ọdún, nítorí `"aaaa"` ni ó mọ̀. Mo ti fi `YEAR(A2)` rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ń di `ANNEE(A2)` fúnra rẹ̀.

Fáìlì `.csv` kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ gan-an ni ó gbé lọ. Ìwọ̀n 1,250 kílò láti Kútọnù, tí kò tó kílò méjì, lè di 1250 ní Èkó, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nítorí èyí, `.xlsx` nìkan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ sí ara wa báyìí.